Yíyí Ẹ̀ẹ̀mejì nínú Igi AVL: Bí A Ti Ń Dá Òsì-Ọ̀tún àti Ọ̀tún-Òsì Mọ̀

Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní ilẹ̀ Sófíẹ́tì, Georgy Adelson-Velsky àti Yevgeny Landis, gbé ìwé kúkurú kan jáde lórí bí a ṣe lè to nǹkan sí ìpamọ́ kí wíwá rẹ̀ má baà gba àkókò púpọ̀. Láti ara àwọn lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ni a ti mú orúkọ tí a fi ń pe ohun tí wọ́n ṣàlàyé nínú ìwé náà, èyí tí í ṣe igi AVL. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbọ́ àlàyé igi yìí ní àgbọ́yé títí wọn ó fi dé ibi kan ṣoṣo. Ibẹ̀ náà ni ibi tí a ti fi nǹkan tuntun kún igi, tí igi ṣẹ̀gbẹ́, tí yíyí ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó láti gbé e dìde. Ibẹ̀ ni àlàyé yìí dá lé.

Igi tí à ń wí yìí dorí kodò: òkè ni ìdí rẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀ka rẹ̀ ń lọ. Níbi kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ka ti yà, a tọ́jú ohun kan sí i, ìbáà ṣe nọ́ńbà, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni a ó máa pè ní oríkèé. Oríkèé kan lè bí ọmọ méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Ó lè bí ẹyọ kan, ó sì lè má bí rárá. Òfin kìíní igi náà ni pé ohunkóhun tí ó bá wà ní ẹ̀ka òsì oríkèé kan gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tí ó wà nínú oríkèé náà, ohunkóhun tí ó bá sì wà ní ẹ̀ka ọ̀tún gbọ́dọ̀ jù ú lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni a ń tò, èyí tí ó ṣáájú nínú ìtò a-b-d ni a kà sí kékeré.

Òfin kejì ni ti gíga. Gíga ẹ̀ka ni iye ìpele oríkèé tí ó wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ka tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ní gíga 0. Oríkèé tí kò bímọ ní gíga 1. Bí a bá mú gíga ẹ̀ka òsì oríkèé kan, tí a yọ gíga ẹ̀ka ọ̀tún rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó kù ni òṣùwọ̀n oríkèé náà. Nínú igi AVL, òṣùwọ̀n oríkèé kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun mìíràn ju −1, 0 tàbí +1 lọ. Àǹfààní òfin yìí kò kéré. Bí a bá to ọ̀rọ̀ 1,000,000 sínú igi tí kò ní òfin kejì, tí àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ń wọlé lẹ́sẹẹsẹ láti a títí dé y, igi náà yóò di okùn gbọọrọ kan tí ó ní ìpele 1,000,000. Nínú igi AVL, ọ̀rọ̀ 1,000,000 kan náà kò lè gbà ju ìpele 28 lọ, bí ó ti wù kí wọ́n wọlé.

Nígbà tí a bá fẹ́ fi ohun tuntun kún igi, òkè ni a ti bẹ̀rẹ̀. A ó fi í wé oríkèé òkè. Bí ó bá kéré, a ó yà sósì. Bí ó bá tóbi, a ó yà sọ́tùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí a ó fi dé àyè tí ó ṣófo, níbẹ̀ ni a ó sì gbé e sí. Lẹ́yìn èyí, a ó padà gba ojú ọ̀nà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sókè, a ó sì máa wo òṣùwọ̀n oríkèé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò sí lójú ọ̀nà náà kò nílò àyẹ̀wò, nítorí gíga wọn kò yí padà. Oríkèé àkọ́kọ́ tí a bá kàn tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ti di +2 tàbí −2 ni oríkèé tí ó ṣẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní Baba. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà tí a gbà sọ̀ kalẹ̀ ni a ó pè ní Ọmọ, èyí tí ó tẹ̀lé e lójú ọ̀nà kan náà ni a ó sì pè ní Ọmọọmọ.

Lórí àwọn mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró. Bí Ọmọ bá wà lósì Baba, tí Ọmọọmọ náà sì wà lósì Ọmọ, òsì-òsì ni ọ̀ràn náà. Bí àwọn méjèèjì bá wà lọ́tùn-ún, ọ̀tún-ọ̀tún ni. Nínú àwọn méjì wọ̀nyí, ọ̀nà náà tọ́ bí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n bí Ọmọ bá wà lósì, tí Ọmọọmọ sì wà lọ́tùn-ún Ọmọ, ọ̀nà náà ti ṣẹ́ bí ìgúnpá: òsì-ọ̀tún ni èyí. Ìdàkejì rẹ̀, tí í ṣe ọ̀tún-òsì, náà ní ìgúnpá, ṣùgbọ́n apá kejì ni ìgúnpá rẹ̀ kọjú sí.

Ọ̀ràn ọ̀nà títọ́ kò le. Yíyí ẹ̀ẹ̀kan ni oògùn rẹ̀. Ọmọ yóò gun orí àga Baba, Baba yóò sì di ọmọ lábẹ́ ọmọ tí òun tìkára rẹ̀ bí. Ohun tí kò ṣeé gbọ́ létí ni èyí nínú agbo ilé Yorùbá, ṣùgbọ́n nínú igi yìí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí òfin kìíní kò bá ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ apá ọ̀tún ni a yí Baba sí, ẹ̀ka ọ̀tún tí Ọmọ ní tẹ́lẹ̀ yóò di ẹ̀ka òsì Baba, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀ka náà ju Ọmọ lọ, ó sì kéré sí Baba. Ẹ̀ka àárín yìí ni kí a fi ọkàn sí, nítorí òun ni ó fà á tí yíyí ẹ̀ẹ̀kan kò fi lè wo ọ̀ràn ìgúnpá sàn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí ó kéré jù lọ. Ẹnìkan ń to ọ̀rọ̀ oúnjẹ sínú igi. Ó kọ́kọ́ fi ọbẹ̀ síbẹ̀, ọbẹ̀ sì di oríkèé òkè. Ó fi ata kún un. Ata ṣáájú ọbẹ̀, nítorí náà ó lọ sósì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ilá kún un. Ilá ṣáájú ọbẹ̀, ó yà sósì; ilá tẹ̀lé ata, ó yà sọ́tùn-ún. Ní báyìí, òṣùwọ̀n ọbẹ̀ ti di +2. Ọbẹ̀ ni Baba, ata ni Ọmọ, ilá ni Ọmọọmọ. Òsì-ọ̀tún ni ọ̀ràn náà. Bí a bá yí ọbẹ̀ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ata yóò gòkè, ọbẹ̀ yóò bọ́ sí apá ọ̀tún ata, ilá tí í ṣe ẹ̀ka àárín yóò sì di ọmọ òsì ọbẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni igi náà ní tẹ́lẹ̀, ìpele mẹ́ta náà ni ó ṣì ní. Ìgúnpá tí ó kọjú sí apá kan ti kọjú sí apá kejì ni. Òṣùwọ̀n tí ó jẹ́ +2 ti di −2. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún yí i padà sí òsì, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ hàn gbangba bí a bá wo ìtò àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ata ni àkọ́kọ́, ilá ni agbede-méjì, ọbẹ̀ ni ìkẹyìn. Ẹni agbede-méjì ni ó yẹ kí ó wà lókè, kí àwọn méjì yòókù wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Nínú ọ̀ràn ìgúnpá, Ọmọọmọ ni ẹni agbede-méjì nígbà gbogbo, ìpele kejì sí Baba ni ó sì wà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gun àkàsọ̀ méjì, yíyí kan kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni kọjá àkàsọ̀ kan. Yíyí kìíní, èyí tí a ń ṣe ní orí Ọmọ, ni yóò sọ ìgúnpá di ọ̀nà títọ́. Yíyí kejì, èyí tí a ń ṣe ní orí Baba, ni yóò wá gbé igi dìde. Nínú òsì-ọ̀tún, a ó yí Ọmọ sí òsì, lẹ́yìn náà a ó yí Baba sí ọ̀tún. Nínú ọ̀tún-òsì, a ó yí Ọmọ sí ọ̀tún, a ó sì yí Baba sí òsì.

Àpẹẹrẹ ọlọ́rọ̀ mẹ́ta yìí rọrùn jù, ó sì lè tan ènìyàn jẹ, nítorí ohun tuntun tí a fi kún un ni ó jẹ́ Ọmọọmọ fúnra rẹ̀. Kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀ nínú igi ńlá. Ẹ jẹ́ kí á mú igi mìíràn, tí a fi nọ́ńbà kọ́. Òkè rẹ̀ ni 30. Lósì 30 ni 20 wà, kò sì bímọ. Lọ́tùn-ún 30 ni 60 wà, ọmọ méjì ni 60 ní, 50 lósì àti 80 lọ́tùn-ún. Gíga ẹ̀ka òsì 30 jẹ́ 1, ti ọ̀tún jẹ́ 2; òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ −1, òfin sì gbà á. Nísinsìnyí, a fẹ́ fi 40 kún un.

Nọ́ńbà 40 ju 30 lọ, ó yà sọ́tùn-ún. Ó kéré sí 60, ó yà sósì. Ó kéré sí 50, ó tún yà sósì, ó sì bá àyè tí ó ṣófo. Bí a ti ń padà lọ sókè, òṣùwọ̀n 50 ti di +1, ti 60 náà ti di +1. Kò sí èyí tí ó ṣẹ̀gbẹ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé 30, gíga òsì rẹ̀ jẹ́ 1, gíga ọ̀tún rẹ̀ sì ti di 3. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ −2. Òun ni Baba.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ a wo 40, a rí i pé ó wà lósì 50, àti pé 50 wà lósì 60, a sì sọ pé òsì-òsì ni. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni ó wò, ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ó wò. Ìṣísẹ̀ méjì àkọ́kọ́ láti orí Baba ni ó ń fún ọ̀ràn ní orúkọ, kì í ṣe ìṣísẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn. Láti 30, a yà sọ́tùn-ún lọ sí 60. Láti 60, a yà sósì lọ sí 50. Ọ̀tún-òsì ni. Ibi tí a yà sí lẹ́yìn 50 kò kan orúkọ ọ̀ràn yìí rárá, bí ó tilẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tí yóò ṣe láìpẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti mọ ìṣísẹ̀ méjì wọ̀nyí láìya àwòrán. Ti àkọ́kọ́ ni kí a wo àmì òṣùwọ̀n. Bí òṣùwọ̀n Baba àti ti Ọmọ bá ní àmì kan náà, ọ̀nà títọ́ ni. Bí àmì wọn bá yàtọ̀, ìgúnpá ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, Baba jẹ́ −2, Ọmọ jẹ́ +1. Àmì wọn kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Ọ̀nà kejì ni kí a fi ohun tuntun náà wé Ọmọ. Bí Baba bá jẹ́ −2, Ọmọ wà lọ́tùn-ún; bí ohun tuntun bá kéré sí Ọmọ, ọ̀tún-òsì ni. Bí Baba bá jẹ́ +2, tí ohun tuntun sì ju Ọmọ lọ, òsì-ọ̀tún ni. Ẹ kíyèsí i pé Ọmọ ni a fi í wé. Ẹni tí ó bá fi í wé Baba kò rí ìmọ̀ kankan gbà níbẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n Baba ti sọ ìhà tí ohun tuntun gbà lọ. Bí a bá kọ ọ̀nà kejì yìí sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, báyìí ni yóò rí:

```
if b > 1 and key > node.left.key:
    node.left = rotate_left(node.left)
    return rotate_right(node)
if b < -1 and key < node.right.key:
    node.right = rotate_right(node.right)
    return rotate_left(node)
```

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí yóò to ọ̀rọ̀ Yorùbá báyìí gbọ́. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá fún ní ìtọ́ni kò mọ̀ pé ẹ tẹ̀lé e, pé gb jẹ́ lẹ́tà kan tí ó tẹ̀lé g, tàbí pé ṣ tẹ̀lé s. Yóò ju ẹ àti ọ sí ẹ̀yìn gbogbo lẹ́tà yòókù. Èyíkéyìí tí a bá yàn nínú ìtò méjèèjì, òun náà ni a gbọ́dọ̀ lò nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ àti nígbà tí a ń fi ohun tuntun wé Ọmọ. Bí a bá lo ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí a lo èkejì níhìn-ín, ètò náà yóò pe ìgúnpá ní ọ̀pá.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí igi wa. A ó kọ́kọ́ yí 60 sí ọ̀tún. Nọ́ńbà 50 gòkè, 60 sì di ọmọ ọ̀tún rẹ̀. 50 kò ní ẹ̀ka ọ̀tún tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀ka òsì 60 di òfìfo, 80 sì wà lọ́tùn-ún rẹ̀ bí ti àtijọ́. Nísinsìnyí, 30 ní 50 lọ́tùn-ún, 50 ní 60 lọ́tùn-ún, ọ̀nà ti tọ́. Lẹ́yìn èyí, a ó yí 30 sí òsì. Nọ́ńbà 50 tún gòkè, 30 bọ́ sí apá òsì rẹ̀, 40 tí í ṣe ẹ̀ka òsì 50 sì di ẹ̀ka ọ̀tún 30. Ní ìparí, 50 wà lókè. 30 wà lósì rẹ̀ pẹ̀lú 20 àti 40. 60 wà lọ́tùn-ún rẹ̀ pẹ̀lú 80 nìkan. Bí a bá kà á láti òsì dé ọ̀tún, 20, 30, 40, 50, 60, 80 ni a ó rí; òfin kìíní kò bàjẹ́. Gíga igi náà jẹ́ 3 kí 40 tó wọlé, ó di 4 nígbà tí 40 wọlé, ó sì ti padà di 3. Nítorí pé ó padà sí gíga rẹ̀ àtijọ́, bí igi yìí bá jẹ́ ẹ̀ka kan lára igi tí ó tóbi jù ú lọ, àwọn tí ó wà lókè kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àtúnṣe kan ṣoṣo fi tó lẹ́yìn fífi ohun kan kún igi.

Ó ku iṣẹ́ tí a wí pé ìṣísẹ̀ kẹta yóò ṣe. Àwọn kan kì í ka gíga ní àkàtúnkà. Òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n ń tọ́jú sínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un kọ lẹ́yìn yíyí. Lẹ́yìn yíyí ẹ̀ẹ̀kan, Baba àti Ọmọ a máa di 0. Àṣà yìí ni àwọn mìíràn gbé wọ inú ọ̀ràn ìgúnpá, tí wọ́n kọ 0 fún gbogbo wọn. Ọmọọmọ máa ń di 0 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Baba àti ti Ọmọ dúró lórí ìhà Ọmọọmọ tí ohun tuntun bọ́ sí, nítorí pé ẹ̀ka méjì tí Ọmọọmọ ní ni a pín fún àwọn méjèèjì. Nínú igi wa, 40 bọ́ sí òsì 50. Ẹ̀ka òsì náà ni a fún 30, 60 kò sì rí nǹkan gbà. Nítorí náà, òṣùwọ̀n 30 jẹ́ 0, ti 60 jẹ́ −1. Bí ó bá jẹ́ 55 ni a fi kún igi dípò 40, apá ọ̀tún 50 ni ìbá bọ́ sí, 60 ni ìbá gbà á. 60 ìbá di 0, 30 ìbá sì di +1. Bí ohun tuntun bá sì jẹ́ Ọmọọmọ fúnra rẹ̀, bí ti ilá, ìgbà náà nìkan ni gbogbo wọn ń di 0.

Àṣìṣe yìí burú nítorí pé kì í pariwo. Ká ní a kọ 0 fún 60 níbi tí ó yẹ kí a kọ −1. Igi náà ṣì dára, wíwá nǹkan nínú rẹ̀ kò bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, a fi 90 kún un, ó sì bọ́ sí apá ọ̀tún 80. Òṣùwọ̀n tòótọ́ tí 60 ní di −2, ó yẹ kí a yí i. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀, 0 ni ó kúrò tí ó di −1, ètò náà sì kọjá lọ. Láti ìgbà náà ni igi ti ń fà gùn lápá kan díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò rẹ̀ ní àrùn yìí, kí ó ka gíga ẹ̀ka gbogbo láti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ìfikún kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ohun tí ó bá rí wé òṣùwọ̀n tí a kọ sílẹ̀. Kíka àwọn nọ́ńbà láti òsì dé ọ̀tún nìkan kò ní fi àrùn náà hàn.

Àrùn kejì wà tí kíkà láti òsì dé ọ̀tún a máa fi hàn. Nínú ètò tí a kọ sókè yìí, ìlà tí ó sọ pé `node.left = rotate_left(node.left)` kò gbọdọ̀ di `rotate_left(node.left)` lásán. Ẹ padà sọ́dọ̀ ata, ilá àti ọbẹ̀. Yíyí kìíní sọ ilá di olórí ata, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ fún ọbẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti yí padà, ata ni yóò ṣì máa tọ́ka sí. Ata kò sì ní ọmọ mọ́. Nígbà tí yíyí kejì bá dé, ata yóò gòkè, ọbẹ̀ yóò bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ilá yóò sì ti sọnù kúrò nínú igi. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ inú igi náà yóò bá méjì níbi tí mẹ́ta gbé yẹ kí ó wà.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń dá ọ̀ràn mọ̀, èyí tí í ṣe fífi ohun tuntun wé Ọmọ, kò kọjá ìfikún. Nígbà tí a bá yọ nǹkan kúrò nínú igi, ohun tí a yọ ti lọ, ẹ̀ka tí kò wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni ó sì máa ń gùn jù. Ibẹ̀, òṣùwọ̀n Ọmọ tí ó wà ní ẹ̀ka gígùn náà nìkan ni a lè wò, ó sì lè jẹ́ 0, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ rárá lẹ́yìn ìfikún. Bí ó bá jẹ́ 0, yíyí ẹ̀ẹ̀kan ni a ó ṣe, bí ẹni pé ọ̀nà náà tọ́. Yíyí ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe tirẹ̀, àfi bí àmì Baba àti ti Ọmọ bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn.